Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Tó Ń Ṣíwájú Àbá Ìṣúná Nígbà Tí A Bá Fẹ́ Kí Ilé-Iṣẹ́ Dá Ẹ̀ka Tuntun Sílẹ̀

Àbá ìṣúná fún ẹ̀ka tuntun lè tó ojú ewé mẹ́wàá. Lẹ́tà tí a fi síwájú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ, síbẹ̀ lẹ́tà yẹn ni ọ̀gá àgbà máa kà tán. Nínú ìwé ìṣúná fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ojú ewé tí àpapọ̀ owó wà nìkan ni yóò ṣí wò. Ẹni tó máa tú ìṣirò náà palẹ̀ ni olórí ẹ̀ka akáńtì, òun náà á sì mú lẹ́tà dání lọ́wọ́ kan, á máa wò ó bóyá ohun tí lẹ́tà sọ bá ohun tí ìṣirò sọ mu. Àwọn méjèèjì yìí ni a ń kọ ọ́ fún. Ọ̀kan fẹ́ mọ ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ òun. Èkejì fẹ́ mọ ohun tí yóò ná ilé-iṣẹ́ lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan wà n'Íbàdàn tó ní ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún tí ń pín búrẹ́dì káàkiri ìgboro láàárọ̀ kùtù. Ìdí mẹkáníìkì ìta ni wọ́n ti ń tún gbogbo ọkọ̀ náà ṣe. Alábòójútó ọkọ̀ wá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀ka àtúnṣe ọkọ̀ tirẹ̀ nínú ọgbà: olórí ẹ̀ka kan, mẹkáníìkì méjì, rẹwáyà kan. Èmi ni mo ro ilé-iṣẹ́ náà àti iye owó rẹ̀ jọ kí ìṣirò lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wa fi ń kọ irú lẹ́tà báyìí, àmọ́ ètò rẹ̀ kò yí padà nítorí èdè.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó láṣẹ

Ilé-iṣẹ́ tó létò máa ń ní ìwé tó sọ iye owó tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ sí. Ẹ bèèrè ìwé yẹn ní ẹ̀ka akáńtì kí ẹ tó kọ ìlà kan. Dídá ẹ̀ka sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, ọ̀rọ̀ gbígba èèyàn síṣẹ́ náà wà ńbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá àgbà lè dá fọwọ́ sí owó irinṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ipò òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́rin ní láti dé iwájú ìgbìmọ̀ olùdarí. Bí lẹ́tà kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n lè fọwọ́ sí ọ̀kan kí èkejì dúró de ìpàdé oṣù mẹ́ta òní. Irinṣẹ́ á dé, kò ní sí ẹni tí yóò lò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìlà "Nípasẹ̀" tó máa ń wà lórí lẹ́tà ilé-iṣẹ́. Orúkọ ipò tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni lẹ́tà máa kọ́kọ́ bà sí, òun ni yóò sì kọ èrò tirẹ̀ sí etí ìwé kí ó tó gòkè. Tó bá jẹ́ olórí ẹ̀ka akáńtì ni, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orí tábìlì rẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbé ìṣirò lọ bá a ṣáájú, kí ẹ sì bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni kò dá yín lójú nínú iye wọ̀nyí?" Iye tó bá tọ́ka sí ni kí ẹ lọ tún ṣe. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá yín wo owó oṣù tí ẹ fi sí i, nítorí bí ẹ bá fún mẹkáníìkì ní iye tó ju ti awakọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ lọ, ìjà lẹ ń dá sílẹ̀, wọn kò sì ní fọwọ́ sí i.

Iye tí ilé-iṣẹ́ ń ná báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti ń kùnà. Aláṣẹ tó ń ka lẹ́tà kò mọ̀ pé òun ti ń sanwó fún ohun tí ẹ ń bèèrè yìí tẹ́lẹ̀, torí owó náà fọ́n káàkiri. Díẹ̀ wà lábẹ́ àtúnṣe, díẹ̀ wà lábẹ́ owó kéékèèké, òmíràn wà lábẹ́ ìrìnnà. Bí ẹ kò bá kó o jọ fún un, iye tuntun nìkan ni yóò rí.

Ẹ lọ kó gbogbo rìsíìtì oṣù méjìlá tó kọjá jáde. Ìṣòro tó máa kọ́kọ́ yọjú ni pé rìsíìtì mẹkáníìkì ìta kì í ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ẹ̀yà ọkọ̀. "Ṣíṣe bíréèkì ọkọ̀ kẹta" ni wọ́n á kọ, pẹ̀lú iye kan ṣoṣo. Ẹ sì gbọ́dọ̀ yà wọ́n, nítorí ẹ̀ka tuntun yóò dín owó iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n yóò ṣì máa ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é ni pé kí a kọ orúkọ ẹ̀yà tó ń tún jẹ yọ nínú rìsíìtì sílẹ̀, bíi páàdì bíréèkì, bẹ́lítì àti fílítà, kí a lọ bèèrè iye wọn lọ́wọ́ oníṣòwò méjì tàbí mẹ́ta ní ọjà Àràròmí ní Gáàtì Agodi, ká sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣúná pé báyìí lẹ ṣe ṣe é. Ìfojúdíwọ̀n tí a ṣàlàyé bí a ṣe dé ìdí rẹ̀ kò ní kọ olórí akáńtì lóminú, èyí tó kàn yọ lójijì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó tí wọ́n fi háyà ọkọ̀ ẹlòmíràn nígbà tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ bá dùbúlẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Ìwé ẹnu géètì, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń kọ ìjáde àti ìwọlé ọkọ̀ sí, ni ẹ ti máa rí iye ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò jáde. Ìwé yìí dára ju ìrántí àwọn awakọ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò ní èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ka yín ló kọ ọ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, a rí i pé ní ọdún 2025 owó ẹ̀yà ọkọ̀ jẹ́ ₦18,000,000, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ìta jẹ́ ₦19,200,000, owó háyà sì jẹ́ ₦5,760,000, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní ₦60,000 lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦42,960,000. Ẹ tún ka iye ìgbà tí a gbé ọkọ̀ lọ ṣe. Ká sọ pé ó jẹ́ 410, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ tọ́jú iye yẹn, torí ẹnìkan máa bèèrè bóyá iṣẹ́ wà tó èèyàn mẹ́rin ṣe.

Búrẹ́dì tó pẹ́ dé ọwọ́ oníbàárà tí wọ́n sì dá padà ńkọ́? Òfò ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó so ìdápadà náà mọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́, ẹ má fi iye owó sí i. Ẹ lè dárúkọ rẹ̀ nínú gbólóhùn kan nínú ìwé ìṣúná. Iye kan tí a kò lè fi ẹ̀rí gbè máa ń mú kí wọ́n ṣiyèméjì nípa àwọn tó kù.

Ẹ ya owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọdọọdún

Ẹni tó bá rí "₦16,220,000" nínú lẹ́tà, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí ọdọọdún? Ẹ dá a lóhùn kó tó bèèrè.

Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú àpẹẹrẹ wa ni irinṣẹ́, jáàkì àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ní ₦3,600,000, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò ní ₦900,000, àti kọnkéré ilẹ̀ pẹ̀lú òrùlé ibi iṣẹ́ ní ₦2,200,000. A fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ó sì di ₦7,370,000. Ẹ wo ìwé ìdíyelé àwọn tó ń tajà dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn kì í ka owó orí ọjà, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́ iye tí wọ́n kọ lókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ kọ ọ́. Kí gbogbo iye yín ti ní i nínú. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ìdíyelé náà máa parí, nítorí irinṣẹ́ òkè òkun ń tẹ̀ lé iye dọ́là.

Ní ti owó ọdọọdún, owó oṣù kò parí sórí ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́. Ká sọ pé olórí ẹ̀ka ń gba ₦250,000 lóṣù, tí àwọn mẹ́ta tó kù ń gba ₦150,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ₦8,400,000 lọ́dún. Ní Nàìjíríà, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un láti àpò ara rẹ̀, lórí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2010 lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní kí ilé-iṣẹ́ san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún àjọ NSITF, ìdá kan mìíràn sì wà fún àjọ ITF lórí ìkọ́ṣẹ́. Ìdíyelófò ẹ̀mí òṣìṣẹ́ náà wà lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì yẹn, kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí ìlọ́po mẹ́ta owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Bí a bá ka ìdá mẹ́wàá àti ìdá kan méjèèjì mọ́ ọn, ó di ₦9,408,000. A fi ₦592,000 sí i fún ìdíyelófò, aṣọ iṣẹ́ àti bàtà, a tún fi ₦1,800,000 sí i fún iná, ọ́ìlì ìfọwọ́ àti àwọn ohun tó ń tán. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦11,800,000 lọ́dún.

Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, nítorí náà oṣù mẹ́sàn-án péré ni ọdún 2026 máa ru: ₦8,850,000. Òun àti ₦7,370,000 ló jẹ́ ₦16,220,000 tí a ń bèèrè. Àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ fi iye oṣù mẹ́sàn-án nìkan hàn wọ́n, kí ẹ wá jẹ́ kí ₦11,800,000 bá wọn lójijì nígbà ìṣúná 2027. Ẹ kọ méjèèjì sínú lẹ́tà.

Ẹ sọ ọjọ́ tí owó máa padà wálé bó ṣe rí gan-an

Bí ẹ̀ka náà bá ti fìdí múlẹ̀, ilé-iṣẹ́ á máa ná ₦11,800,000 lórí rẹ̀, á ṣì máa ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní ₦18,000,000, á ṣì máa gbé ẹ́ńjìnnì tó kú àti ara ọkọ̀ tó tẹ̀ lọ síta ní ₦2,400,000, á sì ṣì máa háyà ọkọ̀ ní ìdajì iye ọjọ́ tẹ́lẹ̀, ₦2,880,000. Ìyẹn jẹ́ ₦35,080,000. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦42,960,000, ẹ ó rí ₦7,880,000 tó máa kù sí àpò ilé-iṣẹ́ lọ́dún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá mú ₦7,370,000 irinṣẹ́, wọ́n á fi wé ₦7,880,000, wọ́n á sì kọ ọ́ pé owó á padà wálé láàárín nǹkan bí oṣù mọ́kànlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tuntun kò lè gba gbogbo ọkọ̀ lọ́wọ́ tará ìta ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ fi oṣù mẹ́ta sílẹ̀ tí a ó fi máa san owó oṣù àwọn èèyàn tuntun, tí a ó sì máa sanwó fún ará ìta bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti oṣù keje sí oṣù kejìlá ni ìdínkù máa tó bẹ̀rẹ̀. Owó iṣẹ́ ìta tó máa dín kù ní oṣù mẹ́fà yẹn jẹ́ ₦8,400,000, ti háyà jẹ́ ₦1,440,000. Yọ ₦9,840,000 yìí kúrò nínú ₦16,220,000, ohun tí ọdún 2026 máa ná ju bó ṣe wà lọ jẹ́ ₦6,380,000. Bí ₦7,880,000 bá wá ń wọlé lọ́dún 2027, nǹkan bí oṣù kẹwàá ọdún náà ni gbèsè yẹn máa tán.

Oṣù mọ́kàndínlógún gùn ju oṣù mọ́kànlá lọ, mo mọ̀. Kò sì sí ohun tó dùn mọ́ olórí akáńtì tó pé kó rí oṣù mẹ́ta tí a fi sílẹ̀ yẹn, torí òun náà ì bá ti wá a. Ẹ tún dán ìṣirò náà wò níbi tó ti rọ̀ jù. Nínú tiwa, ìdajì ọjọ́ háyà yẹn ni ohun tí kò dáni lójú jù lọ. Bí ọjọ́ háyà kò bá dín rárá, èrè ọdọọdún á di ₦5,000,000. Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé ìṣúná.

Lẹ́tà náà rèé

> Ọjọ́ 9, oṣù kejì, 2026
>
> Sí: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá
> Nípasẹ̀: Olórí Ẹ̀ka Akáńtì
> Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó Ọkọ̀
>
> Alàgbà,
>
> Ìbéèrè fún àṣẹ láti dá ẹ̀ka àtúnṣe ọkọ̀ sílẹ̀: ₦16,220,000 fún ọdún 2026
>
> Mo ń bèèrè pé kí ẹ fọwọ́ sí ₦16,220,000 láti fi dá ẹ̀ka àtúnṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀ nínú ọgbà wa, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. ₦7,370,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún irinṣẹ́ àti ibi iṣẹ́. ₦8,850,000 jẹ́ owó oṣù àti ìnáwó ẹ̀ka náà fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti ọdún 2027, yóò jẹ́ ₦11,800,000 lọ́dún.
>
> Ní ọdún 2025, a ná ₦42,960,000 lórí àtúnṣe ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún wa, pẹ̀lú ọkọ̀ tí a háyà nígbà tí tiwa dùbúlẹ̀. Bí ẹ̀ka yìí bá ti fìdí múlẹ̀, iye náà yóò di ₦35,080,000. A kò ka ẹ̀dínwó kankan lórí ẹ̀yà ọkọ̀ mọ́ ọn.
>
> Ọdún 2026 yóò náni ní ₦6,380,000 ju bó ṣe wà lọ, nítorí a ó máa lo ará ìta fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ẹ̀ka tuntun tó gba iṣẹ́ náà tán. A retí pé iye yìí yóò ti padà wálé ní nǹkan bí oṣù kẹwàá ọdún 2027.
>
> Ẹ̀ka náà kò ní máa tú ẹ́ńjìnnì tó kú palẹ̀, kò sì ní máa ṣe ara ọkọ̀ tàbí kun ọkọ̀ ní ọ̀dà. Ìta ni ìwọ̀nyí yóò máa lọ, ₦2,400,000 sì wà fún wọn nínú ìṣirò.
>
> Àdéhùn ọdún kan ni a ó kọ́kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọdún 2025, ọkọ̀ wa ń dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ lóṣù ní ìpíndọ́gba. Bí iye náà kò bá tíì wá sí mẹ́rin ní ìparí oṣù kejìlá ọdún yìí, n óò mú àbá wá fún yín láti ti ẹ̀ka náà pa kí àdéhùn tó parí, kí a sì ta irinṣẹ́ rẹ̀.
>
> Ìpinnu méjì ni mo ń bèèrè, ó pẹ́ jù, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì: kí ẹ fọwọ́ sí ₦7,370,000 fún irinṣẹ́ àti ibi iṣẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ sí ipò òṣìṣẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú ₦8,850,000. Ìdíyelé irinṣẹ́ kò ní dúró kọjá ọjọ́ 10 oṣù kẹta. Ìwé ìṣúná kíkún wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Àpapọ̀ owó wà ní ojú ewé kejì.
>
> Èmi ni tiyín nítòótọ́,
> (ìbuwọ́lùwé)

Ìdí tí mo fi tò ó báyìí

Gbólóhùn kìíní sọ ohun tí a ń bèèrè, iye rẹ̀ àti ọjọ́. Ní ilẹ̀ wa, a mọ ìkíni, ó sì ní ibi tirẹ̀. Ẹ kí ọ̀gá dáadáa nígbà tí ẹ bá wọlé lọ bá a. Nínú lẹ́tà yìí, ìlà mẹ́ta tí a fi yin ilé-iṣẹ́ kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ máa ń ti iye owó sí ìsàlẹ̀, ọ̀gá á sì máa fi ojú wá a. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Ìpínrọ̀ tó sọ ohun tí ẹ̀ka kò ní ṣe ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀gá á rò pé gbogbo ọkọ̀ ló máa di títúnṣe nínú ọgbà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá sì gbé ẹ́ńjìnnì jáde lọ síta, wọ́n á ní ẹ̀ka náà ti kùnà. Ìlà yìí náà ló tún ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó kọ lẹ́tà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Èmi fúnra mi gbà pé ìpínrọ̀ nípa títi ẹ̀ka pa ló lágbára jù nínú lẹ́tà náà. Ẹ̀rù tó ń ba aláṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti owó tó máa jáde lónìí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ẹ̀ka tí a bá ti dá sílẹ̀ kì í ṣe é tì pa mọ́, àwọn èèyàn inú rẹ̀ á ti di ará ilé. Nígbà tí ẹ bá kọ òṣùwọ̀n kan sílẹ̀, tí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa wò ó, ẹ ti fún un ní ilẹ̀kùn tó lè gbà jáde. Kí òṣùwọ̀n náà jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ń kọ sílẹ̀, bí ìwé ẹnu géètì, kó má jẹ́ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń kà. Mo fi í sí ìparí oṣù kejìlá nítorí àdéhùn á parí ní ìparí oṣù kẹta. Ààyè ṣì wà láti fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìkìlọ̀ tó yẹ.

Ẹ tún kíyè sí i pé mi ò lo ọ̀rọ̀ bíi "yóò mú kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú gidigidi" níbì kankan. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ní iye nínú, kò sí ohun tí olórí akáńtì lè fi ṣe. Bákan náà, ẹ má fi ẹ̀sùn kan àwọn mẹkáníìkì ìta pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ẹnìkan nínú àwọn tó máa ka lẹ́tà náà ló mú wọn wá.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ tẹ lẹ́tà àti ìwé ìṣúná jáde, ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo iye tó wà nínú lẹ́tà. Ẹ wá iye kọ̀ọ̀kan rí nínú ìwé ìṣúná, kó má yàtọ̀ ní kọ́bọ̀ kan. Àléébù tó wọ́pọ̀ jù ni pé ẹ yí iye kan padà nínú ìṣirò lẹ́yìn tí ẹ ti kọ lẹ́tà tán. Ẹ̀rọ ìṣirò á tún àpapọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, lẹ́tà kò ní tún ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá rí iye méjì tó yàtọ̀, wọ́n á dá a padà láìka ìyókù, ọ̀sẹ̀ méjì á sì ti lọ nínú ọjọ́ ìdíyelé yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnìkan tí kò sí ní ẹ̀ka yín ní lẹ́tà náà nìkan, láìsí ìwé ìṣúná. Kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó sì sọ fún yín ohun tí ẹ ń bèèrè, iye tí yóò náni lọ́dún yìí àti iye tí yóò náni lọ́dún tó ń bọ̀. Ibi tó bá ti dúró ronú, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ.

Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí íméèlì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà sínú íméèlì gan-an, kí ẹ sì so ìwé ìṣúná mọ́ ọn. Ọ̀gá tó wà lórí ọ̀nà láàárín Ìbàdàn sí Èkó lè ka ìpínrọ̀ méjì lórí fóònù. Kò ní ṣí fáìlì ojú ewé mẹ́wàá.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín owó kù

Ó ṣeé ṣe kí èsì wọn jẹ́: "Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù mẹ́wàá." Ẹ má sọ pé ó ti tó, ẹ má sì gé gbogbo iye ní ìwọ̀n kan náà, nítorí ìdajì jáàkì kò lè gbé ọkọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú mìíràn tó sọ ohun tó máa jáde. Nínú tiwa, a lè fi rẹwáyà àti ẹ̀rọ tó ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò sílẹ̀, kí iṣẹ́ iná ọkọ̀ ṣì máa lọ síta. A lè fi òrùlé ṣe ìdajì ibi tí a fẹ́ tẹ́lẹ̀. A sì lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje dípò oṣù kẹrin. Ẹ ṣírò èrè ọdọọdún àti ọjọ́ tí owó máa padà wálé fún ètò tuntun náà, torí owó iṣẹ́ iná tó ń lọ síta á dín èrè náà kù. Bí ìṣirò bá fi hàn pé mílíọ̀nù mẹ́wàá kò lè gbé ẹ̀ka tó lè ṣiṣẹ́ dúró, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bèèrè pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìṣúná ọdún 2027, pẹ̀lú ìdíyelé tuntun.